Asọ̀rọ̀mágbèsì Kí Wa, A sì Dá A Lóhùn: Bí Atọ́kùn Ètò Òwúrọ̀ Ṣe Ń Kí Àwọn Olùgbọ́ Rẹ̀

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ rédíò ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí tí wáyà so mọ́ ilé ni rédíò tí àwọn ará Èkó kọ́kọ́ mọ̀, nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn wọ ilé àwọn tí ó sanwó rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1935. Àpótí náà a máa sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, a sì dákẹ́ nígbà tí ó bá wù ú. Bí onílé pè é, kò ní í jẹ́. Lójú Yorùbá, tí í máa ń retí pé kí ẹni tí a bá kí dáhùn, ohun ìyanu ni èyí, orúkọ tí wọ́n sì fún un kò ṣàì ní ẹ̀sùn díẹ̀ nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ wọ ilé kan ní Ẹgbẹ́dá lónìí ní nǹkan bí agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Ìyá ń de bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ìkòkò wà lórí iná, rédíò wà lórí fèrèsé. Atọ́kùn ètò wí pé bí a ṣe ń jáde lọ láàárọ̀ yìí, àlàáfíà ni a ó fi padà wálé. Ìyá náà kò gbójú sókè, kò dá ọwọ́ dúró, síbẹ̀ ó ní, «Àmín o.» Bàbá tí ń fá irùngbọ̀n nínú ilé ìwẹ̀ náà ní, «Àmín.» Ẹni tí kò lè gbọ́ wọn ni wọ́n ń dá lóhùn. Bí atọ́kùn ṣe ń rí èsì yìí gbà lẹ́nu ẹni tí kò rí ni a fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí.

Ohun tí ó mú wa ronú sí i ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ilé-ìwé wa tọ̀ wá wá nígbà tí ìmúrasílẹ̀ àjọ̀dún yìí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí pápá láti kí àwọn àlejò ní òwúrọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, wọ́n sì fẹ́ kí ó dà bíi ti rédíò gẹ́lẹ́. Wọ́n ti kọ ìkíni náà sílẹ̀. Ojú ìwé méjì ààbọ̀ ni. A kà á tán, a bi wọ́n pé, «Ta ni ẹ ń kí?» Wọ́n ní, «Gbogbo ènìyàn ni, sà.» Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ó yẹ kí a jókòó tì wọ́n.

Nígbà tí ẹni méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, ara ti ṣe ìdajì ìkíni kí ẹnu tó là. Ọkùnrin ti dọ̀bálẹ̀, obìnrin ti kúnlẹ̀. Ojú ti rí ẹni tí ó dàgbà jù, ó ti rí ẹni tí ó gbé ẹrù lérí, ẹni tí ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ àti ẹni tí ó pọn ọmọ tuntun. Ohun tí ojú bá rí ni ẹnu yóò mú: ẹ kú ẹrù, ẹ kú ọwọ́ lómi, ẹ kú ìrìn. Lẹ́yìn èyí ni èsì yóò dé, tí ẹni tí a kí yóò béèrè ilé, tí yóò béèrè ọmọ. Atọ́kùn rédíò kò ní èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Ó jókòó sínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa kí ariwo má baà wọlé, ó fi nǹkan bo etí, ó sì dojú kọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kò mọ̀ bóyá ọmọ ogún ọdún ni ó ń gbọ́ ọ tàbí arúgbó tí ó bí bàbá rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí àlùfáà bá kí ìjọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn, ìjọ yóò dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àlùfáà yóò sì mọ̀ láti inú ohùn wọn bóyá wọ́n jí tàbí wọ́n ṣì ń tòògbé. Atọ́kùn kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ara ì bá ṣe, ẹnu ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ kí atọ́kùn máa wí pé òun dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àgbà, nígbà tí a mọ̀ dájú pé orí àga ni ó wà. Àwọn kan a máa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Bí àgbàlagbà kò bá gbọ́ ìdọ̀bálẹ̀ náà létí, kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìkíni kan kalẹ̀, kí a lè fọwọ́ kan ẹ̀yà ara rẹ̀. Àwa ni a to èyí pọ̀ fún àwọn ọmọ náà ní irú ọ̀nà tí àwọn atọ́kùn ń gbà tò ó. Ẹ gbà pé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni:

«Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa ni a jí? Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀yin bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń múra ilé-ìwé, ẹ kú ìmúra. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kú ojú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti dá dúró láti Ìyànà Ìpájà, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin aláboyún, wẹ́rẹ́ ni ẹ ó sọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Bí a ṣe ń jáde lọ láàárọ̀ yìí, àlàáfíà ni a ó fi padà wálé.»

Lẹ́yìn èyí ni atọ́kùn yóò dákẹ́ fún ìwọ̀n èémí kan tàbí méjì, kí ó tó dárúkọ ara rẹ̀, ètò rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ rédíò tí ó ti ń sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ kíyè sí i pé «ẹ̀yin olólùfẹ́ wa» ni ó ṣíwájú, kì í ṣe «ẹ káàárọ̀». Ìdí rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ. Orin ìdánimọ̀ ètò ni ó máa ń kọ́kọ́ dún. Atọ́kùn tàbí ẹni tí ń bá a tọ́jú ẹ̀rọ yóò rọra fa orin náà wálẹ̀, yóò sì ti ohùn atọ́kùn sókè. Bí ọwọ́ bá pẹ́ díẹ̀ lórí ìtìsókè yìí, ohun àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́nu atọ́kùn yóò ṣègbé. Bí ohun àkọ́kọ́ náà bá jẹ́ «ẹ», ohun tí àwọn olùgbọ́ yóò gbọ́ ni «káàárọ̀». Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ó ti kí gbogbo ìlú bí ìgbà tí ènìyàn ń kí àbúrò rẹ̀. Fáwẹ̀lì kan péré ni ó sọnù, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì náà ni ó gbé ọ̀wọ̀ rù. Ẹni tí ó bá fi ìpè síwájú ti fi nǹkan tí kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti jẹ.

Aago náà kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó dé. Ìyá tí ń múra ọmọ nílé kò rí ààyè wo ògiri. Ohùn tí ó ń sọ aago fún un ni ó fi mọ̀ bóyá ọmọ yóò bá ọkọ̀ ilé-ìwé. Nínú àwọn ètò òwúrọ̀ tí ó dára, a ó gbọ́ aago nínú ìkíni, a ó sì tún máa gbọ́ ọ léraléra títí ètò yóò fi parí, nítorí pé olùgbọ́ tuntun ń wọlé ní ìṣẹ́jú gbogbo. Bí atọ́kùn bá kí wa fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsọ aago, ẹ lè mọ̀ pé ara rẹ̀ ni ó ń kí.

Ọ̀rọ̀ kékeré nì, «kú», ni ó gba iṣẹ́ jù. Ó ń jẹ́ kí a lè sọ ipò yòówù tí ènìyàn bá wà di ìkíni. Kò sí òfin tí ó ní ìkíni mẹ́wàá ni ó wà. Bí ipò tuntun bá dé, ìkíni tuntun ti dé. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò sí nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, ṣùgbọ́n lónìí ẹni tí ó ti jókòó sínú dáńfó láti Ìdímù, tí kò tí ì dé Dọ̀pẹ̀mú, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ bí rédíò awakọ̀ bá wí pé, «Ẹ kú ìjókòó.» Ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ohun tí ojú atọ́kùn kò rí, ìmọ̀ rẹ̀ nípa ìlú ni ó fi rí i. Ó mọ̀ pé ní aago mẹ́fà ọjọ́ Ajé, ènìyàn báyìí-báyìí wà níbi báyìí-báyìí, ó sì ń ju ìkíni sí ibẹ̀.

Ó wá dé ọjọ́ kan tí ìmọ̀ náà kò wúlò mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé, nítorí àrùn kòrónà, kí oníkálukú ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá jókòó sílé fún ọjọ́ 14, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 31 oṣù náà, ni àkọ́kọ́ lẹ́yìn àṣẹ. A yọjú lójú fèrèsé wa ní Ẹgbẹ́dá, a kò rí ọkọ̀ lójú ọ̀nà, a kò gbọ́ ariwo kọndọ́. Ẹ wá ro ti atọ́kùn tí ó jókòó ní òwúrọ̀ yẹn. Ta ni yóò kí ní «ẹ kú ojú ọ̀nà»? Àwọn ọmọ wo ni yóò kí ní «ẹ kú ìmúra», nígbà tí a ti ti ilé-ìwé pa? Àdúrà àlọ àti àbọ̀, tí í ṣe òpó ìkíni òwúrọ̀, kò rí ibi dúró sí. Ìkíni náà wó lulẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni «kú» tún gbéra. Àwọn ènìyàn ti sọ òfin náà ní kónílé-ó-gbélé, ẹlòmíràn ń pè é ní ìsémọ́lé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ «ẹ kú ìsémọ́lé» lórí afẹ́fẹ́ àti lórí fóònù. Èyí tí ó wọ̀ wá lára jù ni kíkí tí wọ́n ń kí àwọn tí owó òòjọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹgbẹ́dá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí wọn kò bá jáde lónìí, wọn kò ní í jẹun lónìí. Ẹni tí ó bá kí irú wọn ní «ẹ kú ìsinmi», bí a ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan, kò mọ ilé tí ó ń bá sọ̀rọ̀. «Ẹ kú ìfaradà» ni ó tọ́ sí wọn.

A kò ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹnikẹ́ni wí lórí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé àwa náà ti ṣe é, tiwa sì burú jù. Nígbà kan, a ní ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọ̀rọ̀ ìyànjú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan. Iṣẹ́ ìjọ kò jẹ́ kí a lè máa lọ síbẹ̀ ní ìdájí, nítorí náà a máa ń lọ gba ohùn wa sílẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 2012, a gba ti ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀: ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun, ẹ kú ayọ̀, ọ̀sẹ̀ ẹ̀rín ni èyí yóò jẹ́ fún wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, bàálù Dánà tí ó ń ti Àbújá bọ̀ já lulẹ̀ sí àárín ilé ní Ìjù-Ìṣàgá. Ẹni 153 ni ó wà nínú rẹ̀; kò sí ẹni tí ó yè. Àwọn kan sì kú nínú àwọn ilé tí ó já lé. Ìjù kò jìnnà sí wa. Àwọn ará ìjọ wa kan ń gbé ibẹ̀. A lo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láti máa tọ àwọn ènìyàn lọ, kò sì sí ìgbà kan tí ó sọ sí wa lọ́kàn pé ohùn wa wà nínú ẹ̀rọ, ó ń dúró de ilẹ̀ kí ó mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ, tí òpópónà rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí bàálù náà já sí, tí kò sì sùn mọ́jú, pè wá lórí fóònù. Kò bínú. Ó ní, «Bàbá Àlùfáà, ẹ káàárọ̀ sà. Mo gbọ́ yín lórí rédíò pé kí n rẹ́rìn-ín.» Ó dákẹ́. A kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ, kì í ṣe ti ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Àwa ni a kí àwọn ènìyàn fún ọjọ́ tí a kò tí ì rí. Láti ìgbà náà, a ti mọ̀ pé ìkíni kò ṣeé fi pamọ́ bí gààrí. Ìwàásù ṣeé gbà sílẹ̀, orin ṣeé gbà sílẹ̀, ìtàn náà ṣeé gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ tí a ó lò ó ni a gbọ́dọ̀ sọ ìkíni. Àwọn atọ́kùn tí ó mọ iṣẹ́ kì í dédé jókòó sí ẹ̀rọ. Wọ́n á ti dé ṣáájú àkókò, wọ́n á ti béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru lọ́wọ́ àwọn oníròyìn, wọ́n á ti yọjú síta wo bóyá òjò ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó mọ irú «kú» tí ó kàn.

Bí ọ̀fọ̀ bá sì ṣẹ̀, «kú» náà ní ìpele. «Ẹ kú àṣẹ̀yìndè» wà fún òkú àgbà tí ó fi ọmọ sílẹ̀ láti gba ipò rẹ̀. Bí a bá fi kí òbí tí ó pàdánù ọmọ, a ti gún un lọ́bẹ. «Ẹ kú ìrọ́jú» àti «ẹ kú àmúmọ́ra» ni ti ikú òjijì àti ikú ọ̀dọ́. Ní òwúrọ̀ bíi ti ọjọ́ Ajé yẹn, ohùn atọ́kùn á wálẹ̀, orin ìdánimọ̀ á kúrú tàbí kí wọ́n má lò ó rárá, kíkí àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́jà á dúró dìgbà mìíràn. Yóò kí ìlú lẹ́ẹ̀kan, yóò sọ aago, yóò sì bọ́ sórí ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀: orúkọ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń gbọ́ lédè Yorùbá lórí afẹ́fẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni à ń pè wọ́n. Wọ́n ń ra àkókò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń fi ìpolówó ọjà àti ọrẹ àwọn olówó rí owó náà padà. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá jẹ́ tirẹ̀, tí ó sì lo ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìkíni, ó ti fi ìdá mẹ́wàá ohun tí ó fi owó ara rẹ̀ rà kí ènìyàn. Nítorí náà kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ń kí ènìyàn lásán ní ìkíni gígùn. Orúkọ tí ẹ ń gbọ́ lọ bẹẹrẹ nì, àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ ni, tàbí àwọn tí ó ń retí pé kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. A kò dá a lẹ́bi pé ó fẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ó bá ti dárúkọ ẹnì kan, gbogbo ẹni tí kò gbọ́ tirẹ̀ ti di àlejò. «Ẹ̀yin awakọ̀» kò yọ awakọ̀ kankan sílẹ̀; «Alàgbà Lágbájá» yọ gbogbo ayé sílẹ̀ àfi Lágbájá.

Láyé ìgbà tí àpótí oníwáyà nìkan wà, èyí ì bá má pa nǹkan lára, torí olùgbọ́ kò ní ibòmíràn tí yóò yí sí. Nǹkan yí padà lẹ́yìn òfin ọdún 1992 tí ó gbà kí aládàáni dá rédíò sílẹ̀. Ní 1994, Raypower 100.5 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alágbàdo, tí kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá. Lónìí, láti orí Rédíò Lagos 107.5 ní Àgídíńgbí dé orí Bond FM 92.9 tàbí Fàájì FM 106.5, títẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ẹni tí a ń kí lè lọ kí ìkíni tó parí.

Bí a ti ń sọ nípa yíyọ ènìyàn sílẹ̀, a rántí olóògbé Gbénga Adéboyè, ẹni tí a mọ̀ mọ ètò Fúnwọntán ní Rédíò Lagos, tí ó papò dà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2003. Àlùhájì Pásítọ̀ Olúwo ni ó ń pe ara rẹ̀. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà, tí gbogbo nǹkan ṣì dúró gbọn-in lójú wa, orúkọ oyè yìí bí wa nínú. A ní ó ń fi ohun mímọ́ ṣeré. A kò tíì gbà títí di òní pé ẹnì kan lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n a ti wá mọ ohun tí orúkọ náà ń ṣe gẹ́gẹ́ bí ìkíni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ó sì ti wọ ilé Mùsùlùmí, ilé Kristẹni àti ilé onífá kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ilé Yorùbá tí kò ní ju ẹ̀sìn kan lọ nínú ẹbí rẹ̀ kò pọ̀. Atọ́kùn tí ó bá fi orúkọ Jésù nìkan parí àdúrà òwúrọ̀ lórí rédíò gbogbo gbòò yóò gba «Àmín» tiwa, yóò sì pàdánù ti aládùúgbò wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ èyí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dá àdúrà náà dúró síbi «a ó padà wálé», kí oníkálukú lè fi àmín tàbí àṣẹ tirẹ̀ tì í.

Ìwọ̀n èémí méjì tí a sọ ṣáájú wúlò níhìn-ín. Ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ohun tí rédíò ń bẹ̀rù. Bí ó bá gùn, olùgbọ́ yóò rò pé iná lọ tàbí pé ẹ̀rọ bàjẹ́, yóò sì yí i. Ṣùgbọ́n bí atọ́kùn bá sáré láti inú àdúrà bọ́ sínú ìpolówó ọṣẹ, kò sí ibi tí «Àmín» yóò gbà wọlé. Àlàfo náà gbọ́dọ̀ tó fún ẹnu láti là, kí ó má sì tó fún ọwọ́ láti yí rédíò. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà a máa dáhùn fúnra wọn ní ohùn kékeré nínú àlàfo náà, láti fi ọ̀nà han ẹni tí ń gbọ́.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká ti dé, asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì ní tòótọ́, òun náà sì ti rí ìyà rẹ̀. Olùgbọ́ tí ó bá pè wọlé kì í lè sọ̀rọ̀ láìkí. Yóò kí atọ́kùn, yóò kí olóòtú, yóò kí ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ, yóò kí àwọn olùgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, owó orí fóònù rẹ̀ yóò sì tán kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀. Atọ́kùn kò lè dá a lẹ́kun ní gbangba, torí pé òun ni ó kọ́kọ́ kí i. «Ẹ ṣeun, a dúpẹ́, ọ̀rọ̀ yín dà, sà?» ni wọ́n fi ń rọra tì í síwájú.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa kó ìwé wọn jáde lẹ́yìn tí a ti sọ gbogbo èyí fún wọn. Orúkọ 19 ni ó wà nínú ìkíni wọn, láti orí alága àjọ̀dún dé orí ọmọ ìgbìmọ̀ tí ń ra omi. A pa mẹ́tàdínlógún rẹ́. Wọ́n ti kọ «ẹ kú àìsùn» fún àwọn ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ọgbà. A ní kò burú, ṣùgbọ́n àìsùn òkú ni yóò kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ àgbà lọ́kàn, wọ́n sì yí i sí «ẹ kú ìṣọ́». A tún fẹ́ pa ìlà kan rẹ́ níbi tí wọ́n ti kí àwọn ìyá tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó lè kúrú. Ọmọbìnrin tí yóò kà á kọ̀. Ó ní, «Bàbá, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé, sà. Bí a kò bá kí wọn, ta ni a ń kí ní aago mẹ́fà?» Ó borí wa, a dá ìlà náà padà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, kò sí ẹnì kankan lórí pápá. Ọmọ náà kà á dé ìparí àdúrà, ó dákẹ́, a sì rí i tí ó ń fi ìka méjì ka èémí rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Láti ilé ìdáná tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí a kò ti rí wọn, àwọn alásè ní, «Àmín o!»